Ìgbà Tí Ó Yẹ Láti Rẹ́ Ẹ̀ka Haibísíkọ́sì Tí Ó Ti Di Igbó, Kí Ó Lè Tún Tanná Dáadáa

Igi haibísíkọ́sì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní filáwà lásán, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Òun ni igi tí ó ń yọ òdòdó ńlá aláwẹ́ márùn-ún, tí ó sábà máa ń pupa, tí òpó tín-ín-rín kan sì máa ń yọ jáde láti àárín rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíramà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni àwọn olùkọ́ bàólójì sábà máa ń já wá sí kíláàsì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀yà ara òdòdó han akẹ́kọ̀ọ́. Ní Ìjàrẹ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Òǹdó, ojúde ilé àti ọgbà ilé ìwé ni a sábà máa ń gbìn ín sí.

Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, igi náà yóò ga dé ọ̀dọ̀ òrùlé. Ìdí rẹ̀ yóò di igi gbígbẹ lásán láìsí ewé, òdòdó díẹ̀ tí ó bá sì yọ yóò wà lókè pátápátá níbi tí ojú kò ti lè rí i dáadáa. Nígbà náà ni onílé yóò pe ẹni tí ó ní àdá pé kí ó wá bá òun gé e. Bí ó bá ṣe pé inú oṣù Kejìlá ni, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń tún ilé ṣe de ọdún Kérésìmesì, ó ṣeé ṣe kí igi náà dúró gan-an bí òpó títí oṣù Kẹrin, kí apá kan rẹ̀ tilẹ̀ kú. Bí ó bá sì ṣe pé oṣooṣù ni a ń gé orí rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú bí ògiri, yóò máa ruwé, ṣùgbọ́n bóyá ni yóò tanná. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kò dára, kì í sì í ṣe pé igi náà ti darúgbó. Àkókò tí a gé e ni kò bá ìṣesí rẹ̀ mu. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí.

Ibi tí òdòdó ti ń yọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìpínlẹ̀ yìí ni a tọ́ dàgbà nínú oko kòkó. A mọ̀ pé ara ìdí kòkó àti àwọn ẹ̀ka ńláńlá tí ó ti gbó ni òdòdó ti ń yọ, ibẹ̀ náà ni èso sì ń so sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gé ẹ̀ka àgbà lára kòkó ti gé ibi tí èso ìbá ti so. Ìrònú yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbé wá sí ìdí haibísíkọ́sì, tí wọ́n fi ń bẹ̀rù láti gé igi ńlá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilá ni ó yẹ kí a fi haibísíkọ́sì wé, kì í ṣe kòkó. Ẹbí kan náà ni haibísíkọ́sì, ilá, ìsápá àti òwú jẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbin ilá rí mọ̀ pé ibi tí ewé tuntun ti so mọ́ igi ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ. Bí igi ilá bá sì ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó àti èso ń gòkè tẹ̀ lé e, tí ìsàlẹ̀ yóò sì ṣófo. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni haibísíkọ́sì rí. Ara ẹ̀ka tútù tí ó hù láìpẹ́ yìí ni ó ti ń rúdí. Ẹ̀ka tí ó ti le, tí èèpo rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, kì í tún yọ òdòdó lára ara rẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó hu ọmọ ẹ̀ka, kí òdòdó sì yọ lára ọmọ náà.

Ọ̀pọ̀ haibísíkọ́sì ni òdòdó rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Yóò là ní òwúrọ̀, yóò sì ká jọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ọjọ́ kejì. Nítorí náà, kí igi kan tó lè kún fún òdòdó lójoojúmọ́, ó gbọ́dọ̀ ní orí ẹ̀ka tútù púpọ̀ tí ń dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà, kí èyí tí ó là lónìí rí arọ́pò lọ́la. Igi tí ó di igbó kò ní orí ẹ̀ka tútù bẹ́ẹ̀ ju díẹ̀ lọ, òkè téńté ni wọ́n sì wà. Ìdí tí a fi ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ni kí a lè sọ orí díẹ̀ di púpọ̀, kí a sì mú wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí ojú ti lè rí wọn.

Àkókò tí ó tọ́

Láti ìgbà tí a bá gé ẹ̀ka haibísíkọ́sì títí di ìgbà tí òdòdó yóò là lára ẹ̀ka tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá. Iye ọ̀sẹ̀ yìí ni a ó fi ṣírò. Ẹ̀ka tuntun gbọ́dọ̀ rí omi mu ní gbogbo àkókò tí ó fi ń dàgbà, ó sì gbọ́dọ̀ rí òjò àti oòrùn pọ̀ nígbà tí ó bá ń tanná.

Ní Ìjàrẹ́ àti agbègbè Àkúrẹ́, òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, òjò yóò sì máa le sí i títí di oṣù Kẹfà àti oṣù Keje. Yóò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn náà àrọ̀kúrò yóò rọ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Nítorí náà, ìgbà tí ó dára jù lọ láti bẹ̀rẹ̀ ni òpin oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí òjò gidi bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Òjò ẹyọ kan tí ó rọ̀ lójijì nínú oṣù Kejì kò tó ohun tí a lè gbára lé. Bí a bá wa ilẹ̀ ìdí igi náà tó ìka ọwọ́ kan ní jíjìn, tí a sì bá a pé ó tutù, àkókò ti tó. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ máa ń kéde ìgbà tí wọ́n retí pé òjò yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò sì máa ń gbé ìkéde náà jáde.

Ìdí tí ọyẹ́ kò fi dára fún iṣẹ́ yìí ni pé igi tí a gé ti pàdánù ewé, ewé ni ó sì fi ń ṣe oúnjẹ. Oúnjẹ tí ó ti fi pamọ́ sínú gbòǹgbò àti ìtì ni yóò fi hu ewé mìíràn. Bí kò bá sí omi nínú ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní lè gbé oúnjẹ náà gòkè. Yàtọ̀ sí èyí, ìtì tí ewé ti ń bò láti ọdún pípẹ́ yóò dédé wà lójú oòrùn gbangba, èèpo rẹ̀ yóò sì jóná. A máa ń mọ ìtì tí oòrùn jó nípa pé èèpo apá tí ó kọjú sí oòrùn ọ̀sán yóò sán, yóò sì máa ṣí kúrò. Atẹ́gùn gbígbẹ ọyẹ́ náà yóò tún máa fa omi jáde lójú ibi tí a gé.

Gígé tí ó pọ̀ nínú àrọ̀kúrò pàápàá kò bá ìṣirò wa mu. Igi tí a gé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rúdí nínú oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejìlá, nígbà tí omi ti ń tán nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìrudí bẹ́ẹ̀ ni yóò pọ́n, tí yóò sì já bọ́ kí ó tó là. Ẹni tí ó ní kànga, tí ó sì lè máa bomi rin ín jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ó lè gé e nígbà náà.

Bí a ó ti ṣe é, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú igi kan tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí ó ní ìtì mẹ́sàn-án láti ìdí, tí ewé àti òdòdó rẹ̀ sì wà lókè nìkan. A kò ní gé gbogbo ìtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Igi tí ó lágbára lè yè é, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti pẹ́ tàbí tí ara rẹ̀ kò le lè kú, nítorí kò ní sí ewé kankan tí yóò máa bọ́ ọ. Ìlànà tí ó mọ́yán lórí ni pé kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí a gé ìdá kan nínú mẹ́ta lóṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta.

Kí a tó fọwọ́ kàn án, kí a fi ọ̀pá gígùn lu inú rẹ̀ dáadáa, kí a sì wọ bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí ejò a máa sá sí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Kí a wò ó bóyá ẹyẹ ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Ohun èlò tí a nílò ni àlùmọ́gàjí ńlá tí a fi ń gé filáwà fún àwọn ẹ̀ka kékeré, àti ayùn ọlọ́wọ́ fún ìtì tí ó bá ju àtàǹpàkò lọ. Àdá kò dára fún un, nítorí ó máa ń la igi, ó sì máa ń fọ́ èèpo, ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìjẹrà sì ń gbà wọlé. Bí a bá ti lo irinṣẹ́ náà lára igi mìíràn, kí a fi aṣọ tí a rẹ sínú omi búlíìṣì nù ún, ìwọ̀n búlíìṣì kan sí ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án. Kí a fi omi ṣàn án lẹ́yìn náà, kí a sì fi òróró díẹ̀ pa á kí ó má baà dógùn-ún.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a yọ gbogbo ẹ̀ka tí ó ti kú. Bí ó bá ṣòro láti mọ̀, kí a fi èékánná họ èèpo díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tí ó sì ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bí ó bá gbẹ tí ó sì pọ́n, ó ti kú, kí a gé e títí dé ibi tí a ó ti bá àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn èyí, kí a mú ìtì mẹ́ta tí ó gbó jù, tí wọn kò sì sún mọ́ ara wọn, kí a gé wọn lulẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, èyí tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì láti ilẹ̀. Lára ìtì kọ̀ọ̀kan, kí a wá ojú kan, ìyẹn ibi tí ewé ti so rí tí àmì rẹ̀ ṣì wà, tí ó kọjú sí ìta. Kí a gé igi díẹ̀ sókè ojú náà, bí ìdajì ìbú ìka, kí ojú ibi tí a gé sì dagun díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ojú tí ó kọjú sí ìta ni a ń fẹ́ kí ẹ̀ka tuntun má baà kún inú igi, kí ìmọ́lẹ̀ sì lè wọlé. Òwúrọ̀ tí ìrì ti gbẹ, tí òjò kò sì ṣú, ni ó dára láti gé e, kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ kí òjò tó bọ̀.

Bí a bá gé ìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní òpin oṣù Kẹta, a ó gé mẹ́ta mìíràn ní òpin oṣù Kẹrin, a ó sì gé mẹ́ta tí ó kù ní òpin oṣù Karùn-ún. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó wọ inú oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ léraléra tí ojú ọgbẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbẹ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, èéhù yóò yọ lára ìtì tí a gé. Kí a fi mẹ́ta tí ó lágbára sílẹ̀ lára ìtì kọ̀ọ̀kan, kí a yọ èyí tí ó kọjú sínú. Nígbà tí èéhù kọ̀ọ̀kan bá gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí ó ní ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí a fi ìka já ṣónṣó orí rẹ̀. Bí a bá ti já a, kò ní lè nà sókè mọ́, yóò sì yà sí méjì, ó kéré tán. Ẹ wo ìṣirò náà: ìtì mẹ́sàn-án, èéhù mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí méjì lórí èéhù kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ orí ẹ̀ka 54 tí yóò máa tanná, níbi tí ó ti jẹ́ pé díẹ̀ ni ó wà lókè òrùlé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí a já orí wọn, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá já a ni a ń sún òdòdó síwájú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìtọ́jú lẹ́yìn gígé

Kí a má fún igi náà ní ajílẹ̀ ní ọjọ́ tí a gé e. Kí a dúró títí èéhù yóò fi yọ, nítorí ìgbà náà ni ó ní ewé tí yóò fi lo oúnjẹ náà. Ìdajì garawa ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa, tí kò gbóná mọ́ tí kò sì rùn, tó fún igi kan. Kí a fọ́n ọn yí ìdí rẹ̀ ká, kí ó jìnnà sí ìtì tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a sì fi ewé gbígbẹ bò ó. Ẹ̀kúnwọ́ eérú igi ìdáná kan tàbí méjì lóṣù kan tún wúlò, nítorí èròjà kan wà nínú eérú tí ń ran òdòdó lọ́wọ́. Ajílẹ̀ yúríà kò yẹ ẹ́. Ewé ni yóò fi ṣe, ewé náà yóò tóbi, yóò sì dúdú, ṣùgbọ́n òdòdó kò ní pọ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kí a bu garawa omi kan sí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Èéhù tútù a máa fa kòkòrò. Bí a bá rí ohun funfun bí òwú ní ibi tí ewé ti so mọ́ igi, tàbí tí ewé tuntun ká kò tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí a po ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi mọ́ omi lítà kan, kí a fi fọ abẹ́ ewé náà ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí a má ṣe é nínú oòrùn ọ̀sán, nítorí ewé yóò jóná.

Ohun tí ó lè sọ iṣẹ́ náà di asán

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ máa ń wáyé lẹ́yìn tí a ti gé e tán. Igi náà yóò ti ruwé, yóò sì ti máa rúdí nínú oṣù Kẹfà, ni ẹni tí ń tún àyíká ṣe ní ọjọ́ ìmọ́tótó yóò bá tún gé orí gbogbo rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú. Orí tí ó gé yìí gan-an ni ìrudí wà. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, igi náà kò ní rí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ó nílò láé. Onílé ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: bóyá ògiri ewé ni ó ń fẹ́, tàbí igi òdòdó. Bí ó bá jẹ́ ògiri ni ó wà lẹ́bàá títì tí ó sì ń dí awakọ̀ lójú, kí a máa gé e, ṣùgbọ́n kí a má retí òdòdó púpọ̀ lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òdòdó, ẹ̀ka tí ó bá yọ ju àwọn tókù lọ nìkan ni kí a máa dín kù títí ọdún yóò fi yí, kí a sì fi gígé ńlá sí ìgbà àkọ́rọ̀.

Ohun kejì ni òjìji. Haibísíkọ́sì nílò oòrùn tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Bí igi máńgòrò tàbí ilé gíga bá ti bò ó, ó lè hu ewé tuntun lẹ́yìn gígé, ṣùgbọ́n ẹ̀ka náà yóò tín-ín-rín, yóò sì máa nà wá ìmọ́lẹ̀. Gígé kò lè wo èyí sàn. Ọ̀nà tí ó wà ni kí a gbin òmíràn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bákan náà, ìtì tí a họ títí dé ilẹ̀ tí a kò bá àwọ̀ ewé kankan ti kú tán, kò sì ní hù mọ́.

Nítorí náà, kí a má da gbogbo ẹ̀ka tí a gé nù. Àwọn tí ó nípọn tó pẹ́ńsù, tí wọn kò le jù, ni kí a gé sí gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Kí a já ewé ìsàlẹ̀, kí a fi ewé méjì sílẹ̀ lókè, kí a sì ri ìdajì rẹ̀ bọ ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ òjìji. Nínú òjò oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ìtì àtijọ́ kan bá kọ̀ tí kò hù, ọmọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti gba ipò rẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà yìí yóò rí òdòdó àkọ́kọ́ lára ìtì oṣù Kẹta ní nǹkan bí òpin oṣù Kẹfà. Ìtì oṣù Kẹrin yóò tẹ̀ lé e, ti oṣù Karùn-ún yóò sì dé kí oṣù Kẹjọ tó parí. Láti ìgbà náà títí ilẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nínú oṣù Kọkànlá, gbogbo ìtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni yóò máa tanná pa pọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kò ní sí ìdí láti gé e dé orúnkún mọ́. Bí a bá dín ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà àkọ́rọ̀, ó ti tó.